Ibi tí “nìkan”, “fẹ́rẹ̀ẹ́” àti “pàápàá” bá jókòó sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan nítòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀. Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìròyìn ìpàdé lórí àtúnṣe tiransifọ́mà wa: “A fẹ́rẹ̀ẹ́ san 100,000 náírà fún oníṣẹ́ iná. Àwọn ayálégbé dá owó wáyà nìkan. Gbogbo onílé dá owó iṣẹ́, pàápàá alága.” Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé 97,500 náírà la san, pé kò sí onílé kankan nínú owó wáyà, àwọn ayálégbé ló gbé e, àti pé alága, tí a ti ní kó má san nítorí àìsàn, náà san. Ní báyìí, wọ́n ń bi mí pé owó dà. Àwọn ayálégbé ní mo fi ojú tín-ín-rín àwọn, àwọn onílé kan sì ní mo ń pọ́n alága. Níbo ló yẹ kí n fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. Àwọn tó ń bínú kò ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ gan-an ni wọ́n kà. Nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ṣe àlàyé ẹnì kan ti lọ di mọ́ ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn. N ó mú “nìkan” ṣáájú, torí òun ló ní ẹ̀ka jù, kí n tó padà sí owó oníṣẹ́ iná àti ọ̀rọ̀ alága.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí èyí fi máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpàdé, ẹ lè dúró díẹ̀, kí ẹ kọjú sí àwọn ayálégbé, kí ẹ nawọ́ sí wọn bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, yóò sì yé gbogbo èèyàn pé àwọn lẹ ń bá wí. Bébà kò ní ojú, kò sì ní ọwọ́. Lẹ́nu pàápàá, èdè wa kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba pé kí a kàn tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ kan láti fi hàn pé òun la ní lọ́kàn, nítorí ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe. Òun ló ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba, òun ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé ohùn sókè lórí “igba náírà” kí ó lè tẹnu mọ́ iye owó náà, igbá ni yóò bá jáde. Nítorí náà, ipò la fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀: a ó gbé e wá síwájú, a ó sì fi “ni” tì í lẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo àtúnṣe tó kù dúró lé e lórí.

“Nìkan” kì í ṣíwájú ọ̀rọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń dúró sí, ohun tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì ló máa ń dì mú. Nínú “Àwọn ayálégbé dá owó wáyà nìkan”, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Owó wáyà ni. Ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ rí ni pé àwọn ayálégbé dá owó wáyà, wọn kò dá owó iṣẹ́, wọn kò dá owó ọkọ̀, wọn kò dá owó mìíràn. Ẹ fẹ́ yìn wọ́n, gbólóhùn yín sì sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò tó. Ẹ kò lè bá wọn jà bí wọ́n bá bínú.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ ni: “Àwọn ayálégbé nìkan ló dá owó wáyà.” Níbí, àwọn ayálégbé ni “nìkan” dì mú, “ló” (ìyẹn “ni ó”) sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù níta. Kò sí onílé nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán gbólóhùn yín wò kí ó tó jáde. Ẹ fi “kì í ṣe” kún ìparí rẹ̀, kí ẹ wá wo irú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tẹ̀ lé e. “Àwọn ayálégbé dá owó wáyà nìkan, kì í ṣe…” Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni “kì í ṣe owó iṣẹ́”. Bí ó bá jẹ́ pé “kì í ṣe àwọn onílé” lẹ ní lọ́kàn, “nìkan” ti jókòó sí àga ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ wá dán èkejì wò: “Àwọn ayálégbé nìkan ló dá owó wáyà, kì í ṣe àwọn onílé.” Ó lọ tààrà.

Kí ó lè yé yín bí “nìkan” ṣe ń rìn, ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan tí kò ní ìjà nínú, kí a máa gbé e kiri inú rẹ̀: “Bísí ra iṣu fún ìyá rẹ̀ ní ọjà Odò-Ògbè ní Sátidé.” Gbólóhùn yìí ní ibi márùn-ún, ó kéré tán, tí “nìkan” lè dì mú.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Bísí kò ra nǹkan, ẹ ó kọ ọ́ pé: “Bísí nìkan ló ra iṣu fún ìyá rẹ̀ ní ọjà Odò-Ògbè.” Bí ó bá jẹ́ pé kò ra ẹ̀lùbọ́, kò ra epo: “Iṣu nìkan ni Bísí rà fún ìyá rẹ̀.” Ẹ wo “rà” níbí. Nígbà tí iṣu kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sí “ra” mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló rà á fún, kò ra fún bàbá: “Ìyá rẹ̀ nìkan ni Bísí ra iṣu fún.” “Fún” yóò dá dúró ní ìparí gbólóhùn, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹ kọ “Fún ìyá rẹ̀ nìkan ni Bísí ra iṣu fún”, tí “fún” yóò di méjì fún iṣẹ́ kan. Mo máa ń rí i nínú ìwé ìpè ìnáwó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló ní pàkúté jù. “Ní ọjà Odò-Ògbè nìkan ni Bísí ti ra iṣu.” Ẹ rí “ti” yẹn? Bí ẹ bá gbé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ wá síwájú, “ti” gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, gbólóhùn náà yóò máa tiro, òǹkàwé yóò sì mọ̀ pé nǹkan kan kù, àní bí kò bá tilẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ àkókò kò bèèrè fún “ti” yìí: “Ní Sátidé nìkan ni Bísí ra iṣu” ti pé. Bí ẹ bá fi “ti” sí i níbí, ìtumọ̀ mìíràn lẹ fẹ́ dá sílẹ̀, pé rírà náà ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú nǹkan mìíràn.

Ó wá ku ìṣe náà fúnra rẹ̀. Ká ní Bísí ra iṣu ṣùgbọ́n kò gbé e délé, kò sè é, rírà ló parí sí. Ẹ kò lè kọ “Bísí ra nìkan iṣu”, torí “nìkan” kì í tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe báyẹn. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sọ ìṣe náà di orúkọ: “Rírà nìkan ni Bísí ra iṣu, kò gbé e délé.” Bí èyí bá wúwo jù fún yín, “kàn” wà nílẹ̀: “Bísí kàn ra iṣu ni.” “Kàn” ló ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, “nìkan” ló ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn méjèèjì kì í du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lo “kàn”, ẹ má fi àmì ohùn rẹ̀ ṣeré. “Alága kàn ra wáyà” túmọ̀ sí pé rírà lásán ni alága ra wáyà, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Alága kan ra wáyà” túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú àwọn alága, tí a kò dárúkọ, ló rà á. Bí ẹ bá tẹ ìròyìn yín lórí fóònù láìfi àmì sí i, àwọn méjèèjì yóò rí bákan náà, òǹkàwé ni yóò sì pinnu èyí tó wù ú. Bí fóònù yín kò bá lè fi àmì sí i, ẹ yẹra fún “kàn” pátápátá nínú ìwé tó jẹ mọ́ owó. Ẹ kọ “Rírà nìkan ni alága ra wáyà”, kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn ayálégbé. Ẹ lè máa rò pé ẹ lè kọ “Àwọn ayálégbé nìkan ni wọ́n dá owó wáyà”. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní pè é ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n “ló” dára jù nínú ìròyìn, ìdí rẹ̀ sì ni pé “ni wọ́n” lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ wo “Àwọn ayálégbé nìkan ni wọ́n rí”. Ṣé àwọn ayálégbé ló rí nǹkan ni, àbí àwọn kan ló rí àwọn ayálégbé? “Àwọn ayálégbé nìkan ló rí i” kò ní irú iyèméjì bẹ́ẹ̀. “Ló” kò bèèrè bóyá ẹnì kan ni tàbí ogún èèyàn. Ó kàn ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan náà.

Ohun kan tún wà tó máa ń dà á rú. “Nìkan” ní ìtumọ̀ kejì, ìyẹn kí èèyàn dá wà, kí ó má ní ẹnìkejì. Òun la gbọ́ nínú “anìkanjọpọ́n”. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ “Alága nìkan lọ sí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná”, àwọn kan yóò kà á pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó lọ, àwọn kan yóò sì kà á pé kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. “Alága nìkan ló lọ” ń sọ pé nínú gbogbo wa, òun ló lọ. “Alága dá lọ” ń sọ pé kò ní ẹni tó bá a rìn. Awakọ̀ tó gbé e lọ lè wà nínú èkíní, kò lè wà nínú èkejì.

Nípa “péré”, gbólóhùn kan tó. Iye ni “péré” ń tẹ̀ lé, ó sì máa ń sọ pé iye náà kéré. Bí ẹ bá ní àwọn ayálégbé dá “30,000 náírà péré”, ẹ ti bú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí “kò” bá wọ̀ ọ́, ẹ rọra. “Àwọn ayálégbé nìkan ni kò dá owó” ń sọ pé gbogbo èèyàn dá owó àfi àwọn. “Àwọn ayálégbé nìkan kọ́ ló dá owó” ń sọ pé àwọn dá a, àwọn mìíràn náà sì dá a. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yàtọ̀ láàárín méjèèjì, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sì ti yí padà.

Ó kan owó oníṣẹ́ iná wàyí. Ẹ kọ pé “A fẹ́rẹ̀ẹ́ san 100,000 náírà”, wọ́n sì ń bi yín pé owó dà. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. “Fẹ́rẹ̀ẹ́” kì í sún mọ́ iye owó rárá. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń jókòó sí, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ló sì máa ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú”: kò ṣubú. “Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé”: n kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni “A fẹ́rẹ̀ẹ́ san”: a kò san. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ wá ni pé ẹ ti ka owó sọ́wọ́, nǹkan kan wá dí yín lọ́wọ́, ẹ kò sì fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Lóòótọ́, ẹni tó mọ̀ pé iná ti dé yóò ronú pé iye ló kù díẹ̀ kó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìròyìn yẹn bá lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́fà sí i, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fún “fẹ́rẹ̀ẹ́” ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tí yóò dá dúró, kí “san” lè lọ ní òmìnira. “Tó” ni ọ̀rọ̀-ìṣe iye: “A san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 náírà fún oníṣẹ́ iná.” Nínú èyí, sísan ti ṣẹlẹ̀ pátápátá, tító ni kò pé. Ẹ lè gbé owó náà síwájú bí ó bá wù yín: “Owó tí a san fún oníṣẹ́ iná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 náírà.” Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni “pé” àti “tán”. “Owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé” ń sọ pé a ṣì ń kó o jọ, ó ku díẹ̀. “Iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán” ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi “ṣùgbọ́n a kò san án” kún un. “A fẹ́rẹ̀ẹ́ san 100,000 náírà, ṣùgbọ́n a kò san án” dùn ún gbọ́, ìyẹn ló fi hàn pé gbólóhùn yín gba ìtumọ̀ tí ẹ kò fẹ́. “A san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 náírà, ṣùgbọ́n a kò san án” kò lè dúró. Ó ń ta ko ara rẹ̀.

Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé “fẹ́rẹ̀ẹ́” kò ní iṣẹ́ nínú ìròyìn owó nígbà tí ẹ bá mọ iye gan-an. Ẹ kọ 97,500. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó sún mọ́ iye tí a ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ẹ fi kún un pé “ó ku 2,500 náírà kí ó pé 100,000”. Ẹ rántí pé 2,500 tó kù yẹn náà ní láti wà níbì kan nínú ìwé yín.

Bí “fẹ́rẹ̀ẹ́” bá pàdé “gbogbo”, irú wàhálà kan náà ni. “Gbogbo onílé fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó” lè jẹ́ pé gbogbo wọn ti fẹ́ san, kò sì sí ẹni tó san. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ogún onílé, méjìdínlógún san, ọ̀nà tó rọrùn létí ni “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí onílé tí kò san owó”. Bí ẹ bá sì ní iye wọn lọ́wọ́, ẹ kọ iye náà.

Ibi tí “kò” àti “má” wà náà ṣe pàtàkì. “Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ san nǹkan kan” túmọ̀ sí pé ohun tó san kò tó nǹkan, ká sáà sọ pé kò san. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má san” túmọ̀ sí pé ó san, àmọ́ a jìjàkadì kí ó tó mú owó wá. Ọ̀kan ń pe ènìyàn ní ajigbèsè, èkejì ń pè é ní ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ìwé tí orúkọ ènìyàn wà. Bákan náà, ẹ má ṣe gé “fẹ́rẹ̀ẹ́” kúrú sí “fẹ́”. “Ògiri náà fẹ́ wó” ń kìlọ̀ pé kí a sá. “Ògiri náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó” lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ìgbà tí òjò pa á tí kò sì wó.

Ọ̀rọ̀ alága wá kù. “Gbogbo onílé dá owó iṣẹ́, pàápàá alága.” Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé kò ju ìyípo ọ̀rọ̀ méjì lọ. Bí “pàápàá” bá ṣíwájú orúkọ, “jù lọ” ni ìtumọ̀ rẹ̀: nínú gbogbo wọn, alága ló ta yọ. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ ni “pàápàá jù lọ alága”, ẹ kàn gé e kúrú ni. Nítorí náà, àwọn onílé tó dá ju alága lọ kà á pé ẹ gba ẹ̀yẹ wọn fún ẹlòmíràn. Bí “pàápàá” bá tẹ̀ lé orúkọ, ìtumọ̀ yí padà: “alága pàápàá dá owó” ń sọ pé ẹni tí a kò retí lọ́wọ́ rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹ fẹ́ sọ ti ẹ̀yìn, ẹ kọ ti iwájú.

Ẹ má ṣe fi “ló” sí i bí ẹ ti fi sí “nìkan”. “Nìkan” àti “ni” jọ ń rìn, torí àwọn méjèèjì ń yọ ẹnì kan jáde, wọ́n sì ń ti àwọn tó kù síta. “Pàápàá” ń ṣe òdìkejì ìyẹn: ó ń fi alága kún àwọn tó ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá kọ “Alága pàápàá ló dá owó iṣẹ́”, yóò dà bí ẹni pé alága fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn, ló gbé gbogbo owó náà, ìjà tuntun sì dé. “Alága pàápàá dá owó iṣẹ́”, ó parí.

“Tilẹ̀” ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi “tilẹ̀” rọ́pò “pàápàá”, ṣùgbọ́n ìṣe ni “tilẹ̀” ń bá lọ, kì í ṣe orúkọ. “Alága tilẹ̀ dá owó” ń sọ pé alága ti ṣe àwọn nǹkan mìíràn, ó wálé wá wo iṣẹ́, ó bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì dúró síbẹ̀, ó tún dá owó. “Alága pàápàá dá owó” ń sọ pé àwọn mìíràn dá owó, òun náà sì wà nínú wọn bí a kò tilẹ̀ retí rẹ̀. Ní ibi tí “kò” wà ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù. “Alága pàápàá kò wá sí ìpàdé”: àwọn tó kù kò wá, àní òun tó yẹ kó wà níbẹ̀. “Alága kò tilẹ̀ wá sí ìpàdé”: ká má tíì sọ pé ó sọ̀rọ̀ tàbí ó fọwọ́ sí ìwé, wíwá gan-an kò wá. Èyí èkejì ní ẹ̀gàn díẹ̀ nínú. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìròyìn bí ẹ kò bá fẹ́ kẹ́gàn.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyípo ọ̀rọ̀ kò lè bá yín tún ṣe. “Alága pàápàá” kò ní agbára lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ìdí tí a kò fi retí owó lọ́wọ́ alága. Ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yóò máa bi ara rẹ̀ pé, kí ló wà nínú pé alága san owó, ṣebí òun ni alága? Ẹ fi ìdí náà sáàárín: “alága, tí ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda fún pé kí ó má san, pàápàá dá owó tirẹ̀.” Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ àìsàn rẹ̀. Bí “pàápàá” bá wá jìnnà jù sí alága létí yín, ẹ lè lo “náà”, tó rọlẹ̀ díẹ̀: “Alága, tí ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda fún, náà dá owó.” Nínú ìròyìn, “náà” yìí ni èmi yóò mú, nítorí pé “pàápàá” máa ń gbé ìyanu dání, ìròyìn owó kò sì nílò ìyanu.

Ẹ yẹra fún “kódà” nínú irú gbólóhùn yìí. Iwájú gbólóhùn ló máa ń jókòó sí, kì í sì í sọ ẹni tó ń bá wí. “Kódà alága dá owó iṣẹ́ fún wa ní Sátidé”: ṣé alága ni ìyanu náà ni, àbí owó, àbí pé Sátidé ni? Ó dára lẹ́nu, níbi tí ẹ ti lè fi ojú àti ọwọ́ ràn án lọ́wọ́.

Bí mo bá ní kí n tún gbólóhùn yín kọ, bí yóò ṣe rí nìyí:

“A san 97,500 náírà fún oníṣẹ́ iná, ó ku 2,500 náírà kí ó pé 100,000 tí ìpàdé fọwọ́ sí, owó náà sì wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn ayálégbé nìkan ló dá owó wáyà. Gbogbo onílé ló dá owó iṣẹ́. Alága, tí ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda fún pé kí ó má san, náà dá owó tirẹ̀.”

Mo rò pé ìpàdé ló fọwọ́ sí 100,000 yẹn, àti pé akápò ló ni ìyókù lọ́wọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí apá yẹn padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ má ṣe pín tuntun láìsọ ohun tí ẹ yí padà, torí wọn yóò ní ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ kọ “Àtúnṣe” sókè, kí ẹ to gbólóhùn àtijọ́ àti tuntun sí abẹ́ ara wọn, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kúrò ní àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe nínú rẹ̀, ṣáájú ti owó, torí àwọn ni gbólóhùn àtijọ́ bú láìmọ̀.